Okùn ṣájà àtijọ́ ń lọ́ra, tuntun ń yára: ìbéèrè àti ìdáhùn

Òtígbà ní Ìkẹjà ni mo ti ń tún fóònù ṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kò ní gbé fóònù wá bá mi pé bátìrì ti kú, kí n pààrọ̀ rẹ̀, tí mo bá sì wò ó dáadáa, màá rí i pé kò sóhun tó ṣe bátìrì. Okùn ṣájà ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Ó máa ń dùn mí nígbà tí wọ́n bá ti náwó sí bátìrì níbòmíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù jọ síbí.

Okùn tí mò ń sọ ni èyí tí ẹnu rẹ̀ kan fẹ̀, tó ń wọ orí ṣájà, tí wọ́n ń pè ní USB-A, tí ẹnu kejì sì kéré, tó tẹ́ pẹlẹbẹ, tó ń wọ inú fóònù. Máíkírò-B ni orúkọ ẹnu kékeré yẹn. Lọ́jà, táìpù-bì tàbí ẹnu Áńdíróìdì ni à ń pè é.

Kí ni ohun náà gan-an tó ń mú okùn àtijọ́ lọ́ra?

Bàbà inú rẹ̀ ló tín-ín-rín jù fún iṣẹ́ tí a ń fi rán an báyìí.

Bí ẹ bá fi abẹ la okùn yẹn, wáyà mẹ́rin lẹ máa bá nínú rẹ̀: pupa, dúdú, àwọ̀ ewé àti funfun. Pupa ló ń gbé iná lọ sínú fóònù, dúdú ló ń dá a padà sí orí ṣájà. Àwọ̀ ewé àti funfun kì í gbé iná tó ń wọ bátìrì. Ọ̀rọ̀ ni fóònù àti ohun tí ẹ fi í bọ̀ ń fi wọ́n bá ara wọn sọ. Nínú ọ̀pọ̀ okùn àtijọ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ṣe ní tín-ín-rín, bí ìgbà tí èèyàn ya òwú.

Kì í ṣe pé ẹni tó ṣe é fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Ọdún 2007 ni ẹnu máíkírò jáde. Nígbà yẹn, ihò USB ara kọ̀ǹpútà kì í fúnni ju ìlàjì ámpù iná lọ, bátìrì fóònù náà kò sì tóbi. Ámpù ni ìwọ̀n bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Fún ìlàjì ámpù, wáyà tín-ín-rín tó. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni fóònù di ńlá, tí bátìrì di 4000 mAh àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí fóònù sì ń béèrè ámpù méjì gba ibi tí wọ́n ṣe fún ìlàjì.

Gbogbo ẹni tó bá ti fa iná jẹnẹrétọ̀ láti ilé aládùúgbò rí ló mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ fa iná gba orí ògiri kọjá, gílóòbù tàn kedere. Ẹ wá ki áyọ̀ọ̀nù bọ̀ ọ́, gílóòbù ṣú, fáànù ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yí. Jẹnẹrétọ̀ kò yí padà o. Ojú ọ̀nà ni iná ti ń ṣòfò, bí ohun tí ẹ ń fà bá sì ṣe pọ̀ tó ni òfò náà ṣe ń pọ̀ tó. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú okùn ṣájà yín, àfi pé níbẹ̀, fóòtì, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó ń ti iná lọ, márùn-ún péré la fi bẹ̀rẹ̀, a kò sì ní púpọ̀ láti fi ṣòfò.

Bí iná bá dínkù lójú ọ̀nà, kí ni fóònù ń ṣe?

Fóònù fúnra rẹ̀ ló ń dín ohun tó ń fà kù. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ki okùn bọ̀ ọ́, ohun èlò tó ń bójú tó ṣájì nínú fóònù kì í gbé gbogbo iná mì lẹ́ẹ̀kan. Yóò fà díẹ̀, yóò wo fóòtì tó dé ẹnu rẹ̀, yóò tún fà sí i. Bó ti ń fà sí i ni fóòtì ń rẹlẹ̀ nítorí òfò inú okùn. Tó bá ti rẹlẹ̀ dé nǹkan bíi 4.5 (iye gan-an yàtọ̀ láti fóònù sí fóònù), á dúró, á sì padà sẹ́yìn díẹ̀. Ó gbà pé òpin agbára orí ṣájà nìyẹn, kò fẹ́ fà á kú. Kò lè mọ̀ pé okùn ló ṣe é, kì í ṣe orí ṣájà.

Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé orí ṣájà yín ń fúnni ní ámpù méjì, fóònù yín sì lágbára láti gbà á, síbẹ̀ kó máa gba díẹ̀ péré, pẹ̀lú àmì ṣájì tó ń tàn lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn Áńdíróìdì kan máa ń kọ ọ́ sójú: `Charging slowly`. Ẹ má fojú fo ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ fi ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ hàn wá.

Ìyá kan wà tí wọ́n ń ta léèsì ní Balógun, ní Erékùṣù Èkó. Wọ́n sọdá wá bá mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi pààrọ̀ bátìrì yìí. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n ń tan jẹ́ńẹ́ ní pílásà wa, tí wọ́n bá fi máa pa á, fóònù mi ò tíì dé ìdajì. Bí oníbàárà bá sanwó sí àkáǹtì, mi ò ní rí i títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n rí ohun tí ẹ fi ń ṣáàjì rẹ̀."

Wọ́n mú un jáde látinú báàgì. Orí ṣájà dára, fóòtì márùn-ún, ámpù méjì. Okùn rẹ̀ gùn tó mítà méjì, ó ti yí sí àwọ̀ eérú, wọ́n sì ti fi sélótéèpù dì í lọ́rùn. Ẹnu rẹ̀ ń mì nínú fóònù. Lára rọ́bà rẹ̀ mo rí i tí wọ́n kọ 28AWG sí gbogbo wáyà rẹ̀. AWG ni ìwọ̀n sísanra wáyà, ó sì ń lọ sódì: bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni wáyà ṣe tín-ín-rín tó. Bàbà 28 kò fẹ̀ ju ìdá mẹ́ta mìlímítà kan lọ. Ti 24 fẹ̀ tó ìdajì mìlímítà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mítà kan bàbà 28 ń dènà iná tó 0.21 óòmù. Okùn wọn jẹ́ mítà méjì, ṣùgbọ́n iná ń lọ, ó sì ń bọ̀, nítorí náà mítà mẹ́rin ni iná ń rìn. Ìyẹn jẹ́ 0.85 óòmù. Ẹ fi díẹ̀ kún un nítorí ẹnu tó ti gbó, ó di óòmù kan gééré. Orí ṣájà ń tú 5.1 fóòtì jáde. Fóònù kò ní jẹ́ kó rẹlẹ̀ ju 4.5 lọ. Ohun tó lè ṣòfò lójú ọ̀nà kò ju 0.6 fóòtì lọ nìyẹn, 0.6 fóòtì lórí óòmù kan sì jẹ́ 0.6 ámpù. Mo ki mítà mi, ohun èlò kékeré tó ń ka fóòtì àti ámpù, sáàárín orí ṣájà àti okùn, ó kọ 0.61 ámpù.

Mo mú okùn mìíràn, ẹnu máíkírò kan náà, mítà kan, wáyà iná rẹ̀ jẹ́ 24. Mítà kan bàbà 24 jẹ́ 0.084 óòmù, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 0.17, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ kò ju 0.22 lọ. Mítà fò sókè, ó dúró sí 1.8 ámpù. Ní 1.8, òfò ojú ọ̀nà kò ju 0.4 fóòtì lọ, nítorí náà 4.7 ló dé ẹnu fóònù, ó ṣì ga ju ibi tó ti ń bẹ̀rù. Òpin ohun tí fóònù náà fẹ́ gbà ló ti dé yẹn. Okùn kò dí i lọ́wọ́ mọ́.

Ní ti iṣẹ́ tí bátìrì rí gbà, ti àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 2.7, ti èkejì lé ní wáàtì mẹ́jọ. Ìlọ́po mẹ́ta. Bátìrì ìyá náà jẹ́ 4000 mAh, tó jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 15 fún wákàtí kan. Ẹ wá wo wákàtí mẹ́ta jẹnẹrétọ̀: okùn àtijọ́ kó nǹkan bíi 8 wọlé, a yọ èyí tó di ooru, a yọ èyí tí fóònù ń jẹ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kò ju ìdá 40 nínú 100 tó kù. Okùn tuntun á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un kí wọ́n tó pa jẹ́ńẹ́. Mi ò tú bátìrì wọn.

Mo ra mítà kékeré yẹn, ó ń kọ fóòtì márùn-ún fún okùn tó dára àti èyí tí kò dára. Ṣé mítà mi bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Ibi tí ẹ fi í sí ló fà á. Púpọ̀ nínú mítà wọ̀nyí ń wọ orí ṣájà, okùn á wá wọ inú mítà. Kí iná tó wọ okùn rárá ni mítà ti wò ó, kò sì lè rí òfò tó ń bọ̀ níwájú.

Nọ́ńbà ámpù ni kí ẹ máa wò. Iye ámpù tó jáde lórí ṣájà náà ló ń la okùn kọjá, òun náà ló ń wọ fóònù, kò sí ibi tó ń jò sí. Ẹ lo orí ṣájà kan, fóònù kan, kí bátìrì wà láàárín ìdá 20 sí 50, ẹ pa ojú fóònù, ẹ pààrọ̀ okùn nìkan. Èyí tí ámpù rẹ̀ ga jù ló dára jù. Ìdí tí mo fi ní kí bátìrì wà láàárín yẹn ni pé bó bá ti ń súnmọ́ kíkún, fóònù á máa dín iná kù fúnra rẹ̀, okùn tó dára jù lọ á sì dà bí ọ̀lẹ.

Bí ẹ kò bá ní mítà, ẹ lo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú okùn kan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú èkejì, ẹ kọ iye tó fi lọ sókè sílẹ̀. Lórí fóònù ìyá Balógun, okùn àtijọ́ gbé e sókè pẹ̀lú mẹ́rin, tuntun gbé e pẹ̀lú mọ́kànlá.

Tuntun ni mo ra temi o, ní gósìlóò Òṣòdì. Kí ló dé tó fi ń lọ́ra bí àtijọ́?

Tuntun kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Bàbà ni. Okùn tó ti lo ọdún márùn-ún tí bàbà rẹ̀ sanra lè fi èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ já nínú ọ̀rá sílẹ̀.

Rọ́bà tó nípọn kò sọ nǹkankan fún yín. Mo ti la okùn tó sanra bí ìka ọwọ́ ọmọdé, tó hun bí okùn bàtà, tí mo sì bá wáyà bí irun nínú rẹ̀. Ẹ wá àkọsílẹ̀ lára rọ́bà. Èyí tó dára sábà máa ń kọ ọ́ báyìí:

```
28AWG/1P+24AWG/2C
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wáyà ọ̀rọ̀ méjèèjì tó lọ́ pọ̀ jẹ́ 28, èyí kò burú nítorí wọn kì í gbé iná púpọ̀. Wáyà iná méjèèjì sì jẹ́ 24. Bó bá jẹ́ 28 ni wọ́n kọ sí ọ̀tún àti òsì, ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ rárá, ẹ ra èyí tó kúrú.

Àwọn kan tún burú ju tín-ín-rín lọ: wọn kì í ṣe bàbà tán. Ọ̀dà bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo alumíníọ̀mù. Alumíníọ̀mù ń dènà iná ju bàbà lọ ní ìwọ̀n tó lé ní ìlàjì. Bí ẹ bá ní èyí tó ti já, ẹ fi abẹ ha etí wáyà rẹ̀. Tó bá pupa lókè, tó wá funfun nínú, òun nìyẹn. Èyí tó funfun lókè, tó pupa nínú dára ní tirẹ̀, bàbà tí wọ́n fi tánńganran bò ni.

Ohun gbogbo dára lórí okùn mi, síbẹ̀ kò kọjá ìlàjì ámpù. Kí ló kù?

Ẹ wo wáyà ọ̀rọ̀, àwọ̀ ewé àti funfun yẹn.

Fóònù kì í mọ̀ lójú lásán bóyá kọ̀ǹpútà ni ẹ fi í bọ̀ tàbí orí ṣájà. Ó ń béèrè. Nínú ọ̀pọ̀ orí ṣájà, wọ́n ti so ibi àwọ̀ ewé àti funfun pọ̀ mọ́ra, àdéhùn tó ti wà tipẹ́ nìyẹn. Fóònù á fi àmì díẹ̀ ránṣẹ́ gba ọ̀kan, tó bá rí i pé ó gba èkejì padà, á mọ̀ pé orí ṣájà ni, á sì fà dé ámpù kan àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti já lọ́rùn okùn, ìdáhùn kò ní dé. Fóònù á ṣọ́ra, á fà ìlàjì ámpù, kò sì ní kọjá ibẹ̀ bó ti wù kí bàbà iná sanra tó.

Bí ẹ ṣe máa dá èyí mọ̀ yàtọ̀ sí bàbà tín-ín-rín rọrùn: ẹ ki okùn náà bọ kọ̀ǹpútà. Bí fóònù bá ń ṣáàjì ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà kò rí fóònù, tí ẹ kò lè kó fọ́tò, tí okùn mìíràn sì ṣe é, wáyà ọ̀rọ̀ ti já. Àwọn okùn kan wà tí wọn kò tilẹ̀ fi wáyà ọ̀rọ̀ sí láti ilé iṣẹ́, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀.

Ṣé kì í ṣe pé iná Nẹ́pà ládùúgbò wa ló rẹlẹ̀?

Kì í sábà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ara orí ṣájà yín, wọ́n kọ `INPUT: 100-240V` síbẹ̀. Bí iná Mushin bá rẹlẹ̀ tí fíríìjì kò fẹ́ gbéra, tí fáànù ń rìn bí ẹni tó rẹ̀, orí ṣájà tó dára ṣì ń tú fóòtì márùn-ún rẹ̀ jáde. Bí fóònù bá ń lọ́ra ní iná kékeré àti ní iná ńlá bákan náà, ẹ fi Nẹ́pà sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Bí mo bá ra orí ṣájà tó lágbára jù, ṣé okùn àtijọ́ mi kò ní yára?

Kò ní ràn yín lọ́wọ́, tó bá jẹ́ fóòtì márùn-ún ni òun náà ń tú jáde. Okùn ìyá Balógun á ṣì fún fóònù ní 0.6 ámpù, ì báà jẹ́ orí ṣájà ámpù mẹ́ta.

Ibì kan wà tó yàtọ̀. Àwọn orí ṣájà kan àti àwọn fóònù kan máa ń fi wáyà ọ̀rọ̀ bá ara wọn ṣe àdéhùn pé kí fóòtì lọ sókè sí mẹ́sàn-án. Ní fóòtì mẹ́sàn-án, iṣẹ́ kan náà kò nílò ámpù púpọ̀, òfò lójú ọ̀nà á sì dínkù, nítorí náà okùn tín-ín-rín pàápàá á sunwọ̀n sí i. Ṣùgbọ́n fóònù àti orí ṣájà gbọ́dọ̀ mọ èdè kan náà, wáyà ọ̀rọ̀ kò sì gbọdọ̀ já.

Kí ló dé tí táìpù-sì fi ń yára ju táìpù-bì lọ?

Ẹnu ni apá kan rẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé iná nínú ẹnu máíkírò, ìwọ̀n tí wọ́n dá fún un jẹ́ 1.8 ámpù. Ẹnu táìpù-sì, tó jáde ní ọdún 2014, ní irin mẹ́rin fún àlọ àti mẹ́rin fún àbọ̀, ámpù mẹ́ta sì ni okùn táìpù-sì sí táìpù-sì gbọ́dọ̀ lè gbé, ó kéré tán. Nítorí náà wọn kò lè fi bàbà bí irun sí i kí wọ́n sì tún pè é ní ojúlówó. Fóònù tó bá jẹ́ ẹnu máíkírò kò lè di táìpù-sì o. Ohun tí ẹ lè ṣe fún un ni okùn máíkírò tí bàbà rẹ̀ sanra.

Ẹnu okùn mi ń mì, mo ní láti fi nǹkan tì í kó tó gba iná. Ṣé kí n pààrọ̀ ihò fóònù?

Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn. Àwọn tó ṣe máíkírò mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn ìkọ́ kékeré tó ń di ihò mú sára okùn, kì í ṣe sára fóònù, kó lè jẹ́ okùn ni yóò kọ́kọ́ gbó. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ níbi ìmọ́lẹ̀, ẹ máa rí ìkọ́ méjì bí eyín ológbò. Tí wọ́n bá ti wọlé tí wọn kò yọ mọ́, okùn ti parí iṣẹ́.

Bí okùn tuntun náà bá ń mì, ẹ pa fóònù, ẹ fi igi ìtayín yọ ìdọ̀tí inú ihò rẹ̀ jẹ́jẹ́. Èérún aṣọ àpò ṣòkòtò ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ isàlẹ̀ bí òwú. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ o. Ahọ́n àárín ihò yẹn kò nípọn rárá, bó bá kán, ọ̀dọ̀ mi lẹ máa bọ̀ lóòótọ́. Ẹnu tó bá ń gbóná lójú kan tí ọwọ́ kò fi lè gbà á, ẹ má lò ó mọ́ rárá. Ibi tí irin kò ti kan ara wọn dáadáa ni ooru náà ti ń wá.

Ṣé okùn tó lọ́ra ń ba bátìrì jẹ́? Èyí tó yára ńkọ́?

Rárá sí méjèèjì. Fóònù ló ń pinnu ohun tó máa gbà. Okùn tó sanra ṣí ọ̀nà fún un ni, kì í fi túláàsì ti iná wọlé.

Ibi tí mò ń sùn jìnnà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo nílò okùn gígùn. Kí ni ṣíṣe?

Ẹ fa iná ńlá súnmọ́ ara yín, kí ẹ sì jẹ́ kí okùn ṣájà kúrú. Ẹ ra bọ́ọ̀dù ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ki orí ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ lo okùn mítà kan. Wáàtì mẹ́wàá lórí iná 230 fóòtì kò tó ìdá kan nínú ogún ámpù, nítorí náà wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n mítà márùn-ún kò ní gba nǹkankan lọ́wọ́ yín. Wáàtì mẹ́wàá kan náà lórí fóòtì márùn-ún jẹ́ ámpù méjì, ibẹ̀ sì ni gbogbo mítà okùn ti ń gba tirẹ̀. Ohun tí mo ní kí ìyá Balógun ṣe nìyẹn. Wọ́n gbé ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n sábẹ́ tábìlì tí wọ́n ń ta léèsì lé, okùn kúkúrú wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ní tí wọ́n bá ń pa jẹ́ńẹ́ báyìí, fóònù ti lé ní ìdá 90.